Bí a ṣe ń yọ ẹni tó kọjá lẹ́yìn onígèlè kúrò nínú fọ́tò

Ìyá kan pé ọgọ́ta ọdún ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, wọ́n ní dandan ni kí òkè Olósùnta hàn lẹ́yìn àwọn nínú fọ́tò. A dúró létí títì nígbà tí oòrùn ti rọ̀ díẹ̀. Gèlè aṣọ òkè aláró dúdú wà lórí wọn, ìborùn kan náà wà léjìká, òwú sì rọ̀ wálẹ̀ létí rẹ̀. Mo tẹ kámẹ́rà. Ilé ni mo dé kí n tó rí i pé ọkùnrin kan tó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn ti kọjá lẹ́yìn wọn lápá òsì. Orí rẹ̀ fara kan ìṣẹ́po gèlè, apá rẹ̀ sì ń yọ láàárín òwú ìborùn.

Tó bá jẹ́ pé ọkùnrin náà dá dúró sí gbangba ni, iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni, n kò ní kọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ibi tí ara rẹ̀ ti kan gèlè àti òwú ni ẹjọ́ wà. Ibẹ̀ náà ni mo ti rí i tí àwọn èèyàn máa ń ba fọ́tò jẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ ya fọ́tò míì láti ibi kan náà. Èmi kì í ya ẹyọ kan létí títì mọ́: mẹ́ta ni mo máa ń yà tẹ̀ léra láìgbé ẹsẹ̀, torí ẹni tó ń kọjá kò ní dúró síbì kan. Tí fọ́tò kejì bá ní ògiri tó mọ́ níbi tí ọkùnrin náà dúró sí nínú ti àkọ́kọ́, ẹ gbé e sábẹ́, ẹ fi ìyẹn dí ojú ibẹ̀. Ògiri gidi dára ju ògiri àtọwọ́dá lọ. Tí ẹ ò bá ní, ẹ máa bá mi kálọ.

GIMP, ètò ìtúnṣe fọ́tò orí kọ̀ǹpútà, ni mo ń lò, torí ọ̀fẹ́ ni, kò sì wúwo fún láputọ́ọ̀pù àlòkù. Ẹni tó bá ní Photoshop á rí ohun kan náà níbẹ̀, orúkọ díẹ̀ ló yàtọ̀. Ẹ fi máòsì ṣe é, kódà kó jẹ́ ti ẹgbẹ̀rún náírà mélòó kan. Páàdì tó wà lára láputọ́ọ̀pù kò ṣe é fi tọ etí gèlè rárá.

Ẹ ṣí fọ́tò, ẹ tẹ `Shift+Ctrl+D` lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ lè ní ìpele mẹ́ta, ìyẹn fọ́tò kan náà mẹ́ta tó gorí ara wọn. Ti ìsàlẹ̀ ni fọ́tò bó ṣe wà, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ti àárín ni a ó ti tún ẹ̀yìn ṣe. Ti òkè, ìyá nìkan ni a ó fi síbẹ̀.

Irinṣẹ́ tó ń jẹ́ Heal ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń sáré mú, òun gan-an ló sì ń bà á jẹ́. Iṣẹ́ Heal ni pé kó wo àwọ̀ tó yí ojú ibi tí ẹ ń kùn ká, kó sì pò ó mọ́ ohun tí ẹ mú wá. Lórí ògiri gbalasa, ó dára. Àmọ́ tí ẹ bá mú un dé etí gèlè, aró gèlè wà lára ohun tó yí i ká, ni yóò bá fa aró náà wọ inú ògiri, yóò sì fa ògiri wọ inú gèlè. Ọ̀pọ̀ áàpù orí fóònù tí wọ́n ní kí ẹ fi ìka pa nǹkan rẹ́ ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ọmọ iṣẹ́ mi kan ṣe irú rẹ̀ fún oníbàárà kan ní Adó. Nígbà tí obìnrin náà rí fọ́tò, ohun tó bi wá ni pé, “Ṣé òrí ló yọ́ sí mi ní gèlè ni?” A dá owó rẹ̀ padà.

Nítorí náà, ẹ má ṣe kùn dé etí gèlè. Ẹ gé etí gèlè sókè, kí ẹ wá kùn gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Lórí ìpele òkè, ẹ tẹ `B` kí Paths jáde. Ẹ gbé àwòrán súnmọ́ ojú dé 200%, ẹ sì máa tẹ ojúàmì kọ̀ọ̀kan tọ etí gèlè. Kì í ṣe gbogbo ara ìyá ni ẹ máa tọ̀ o. Ibi tí ọkùnrin náà ti kàn wọ́n nìkan ni, láti òkè gèlè dé èjìká. Ẹ wá gba inú ara wọn yípo padà, kò sí ohun tó ń dà yín láàmú níbẹ̀. Mo ti rí ẹni tó lo wákàtí méjì lórí apá ọ̀tún tí ẹnikẹ́ni ò kàn.

Ẹ jẹ́ kí ìlà yín wọnú gèlè ní píksẹ́lì kan tàbí méjì. Ìdí rẹ̀ ni pé etí ohunkóhun nínú fọ́tò kì í ṣe ìlà tó já gaara. Píksẹ́lì tó wà ní ààlà gan-an, ìdajì rẹ̀ gèlè, ìdajì rẹ̀ ẹ̀wù ọkùnrin yẹn. Tí ẹ bá kó o mọ́ gèlè, àwọ̀ ọsàn tín-ín-rín á yí gèlè ká bí okùn iná, bí ọkùnrin náà tilẹ̀ ti lọ. Ibi tí gèlè ti ṣẹ́po wọnú, tí ẹ̀wù náà ń yọjú nínú kòtò rẹ̀, ẹ bá a wọlé. Ẹ má fò ó.

Ẹ tẹ Enter kí ìlà náà di ohun tí ẹ yà sọ́tọ̀. Ẹ lọ sí Select, ẹ mú Feather, ẹ fi 1 sí i. Ẹ wá tẹ ìpele náà ní bọ́tìnnì ọ̀tún, ẹ mú Add Layer Mask, ẹ yan Selection, kí ibi tí ẹ yà sọ́tọ̀ nìkan máa hàn lórí ìpele náà. Ẹ tẹ `Shift+Ctrl+A` kí ohun tí ẹ yà sọ́tọ̀ kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ búrọ́ọ̀ṣì kò ní kùn lóde rẹ̀. Ẹ̀yin kò ní rí i kí ohunkóhun yí padà, torí ìpele àárín ṣì wà lábẹ́. Ẹ fọkàn balẹ̀.

Ẹ bọ́ sí ìpele àárín, ẹ tẹ `C` fún Clone. Búrọ́ọ̀ṣì Hardness 050 ni mo ń lò, n kì í pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ di Ctrl mú, ẹ tẹ ibi tó mọ́, ẹ wá máa kùn ọkùnrin náà, kí ẹ sì wọ abẹ́ gèlè dáadáa, bí ogún píksẹ́lì. Gèlè tó wà lókè yóò bò ó mọ́lẹ̀. Ibi tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ ti máa mú ohun tí ẹ fi ń dí i. Tí ògiri ẹ̀yìn bá ṣú díẹ̀ nítorí pé ó jìnnà, tí ẹ lọ mú ti ògiri iwájú tó mọ́ kedere wá, ojú á ta yín.

Nínú fọ́tò tiwa, ohun mẹ́ta ló wà lẹ́yìn ọkùnrin náà: òkúta Olósùnta lókè, etí òrùlé páànù láàárín, ògiri aláwọ̀ ìyeyè nísàlẹ̀. Òrùlé ni ẹ kọ́kọ́ ṣe. Ẹ tẹ orísun yín sórí etí páànù gan-an, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn láti ibi tí etí náà ti já, kí ó lè bá ara rẹ̀ mu. Ẹ wá wo apá kejì orí ìyá: etí òrùlé tó wọlé lápá òsì gbọ́dọ̀ jáde lápá ọ̀tún ní ibi tó yẹ kó jáde. Mo máa ń fi etí rúlà sí ojú kọ̀ǹpútà kí n fi wò ó. Ẹ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, òkúta àti ògiri kò le. Ìsinsìnyí ni ẹ tó lè mú Heal, tó bá ku ojú ìpààlà lórí ògiri, níbi tó jìnnà sí ìyá.

Ó wá ku òwú ìborùn. Ẹ má gbìyànjú láti fi Paths gé òwú kọ̀ọ̀kan. Òwú náà tín-ín-rín débi pé gbogbo ara rẹ̀ ló jẹ́ ààlà, àwọ̀ ọsàn ti wọ̀ ọ́ látòkè délẹ̀. Òwú mẹ́fà ló kan ọkùnrin yìí. Mo fi Clone pa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà rẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, mo fi ògiri dí i. Òwú míì ṣì wà nísàlẹ̀ etí ìborùn kan náà tí ọkùnrin náà kò dé, ògiri ìyeyè sì wà lẹ́yìn wọn. Mo ṣí ìpele tuntun sókè pátápátá, mo tẹ Sample merged nínú Clone kó lè máa rí gbogbo ìpele, mo sì fi Mode ìpele tuntun náà sí Darken only. Ohun tó bá dúdú ju ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ nìkan ló ń hàn níbẹ̀. Òwú aró dúdú hàn, ògiri ìyeyè tó bá a wá kò hàn, kò sì sí gígé kankan. Tí òwú yín bá funfun lórí ògiri dúdú, Lighten only ni ẹ máa lò.

Ẹ má mú òwú apá kejì wá kí ẹ yí i padà bí ẹni wo dígí, torí oòrùn ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ gé òwú kan kúrú, ẹ jẹ́ kí òmíràn wọ́ díẹ̀. Tí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá dọ́gba, ìyàwó aránṣọ ni yóò kọ́kọ́ mọ̀.

Irun ọrùn tó yọ lábẹ́ gèlè kò ju mẹ́rin márùn-ún lọ. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì píksẹ́lì méjì ya òmíràn, mo sì fi `O` mú àwọ̀ rẹ̀ lára irun gidi. Irun nínú oòrùn kì í dúdú kirikiri.

Tí àwọ̀ ọsàn bá ṣì ta sí etí gèlè, ẹ padà sí ìpele òkè. Ẹ rí i dájú pé àwòrán gèlè ni ẹ mú, kì í ṣe mask ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ fi `O` mú aró díẹ̀ sínú gèlè, ẹ mú búrọ́ọ̀ṣì, ẹ fi Mode rẹ̀ sí HSL Color, Opacity 50, kí ẹ rọra fà á létí ibẹ̀. Àwọ̀ ni yóò yí padà, ojú aṣọ kò ní kúrò.

Tí ẹni tó kọjá bá bo ojú tàbí ẹnu ẹni tí ẹ ń yà, ẹ má ṣe wàhálà yìí. Ẹ wá fọ́tò míì.

Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ tọ́jú XCF rẹ̀, ìyẹn fáìlì GIMP tí gbogbo ìpele ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ bọ́ sí ìpele àárín, ẹ wá ṣí Curves, ẹ fa ìlà rẹ̀ sókè sódò kí ìmọ́lẹ̀ ṣe wọ́nranwọ̀nran. Àbùlẹ̀ tí ojú lásán kò rí á yọ níbẹ̀. Ẹ tẹ Cancel, ẹ lọ tún un ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ilẹ̀. Mo ti fi fọ́tò ìyá yìí ránṣẹ́ tán kí ọmọ wọn tó pè mí pé òjìji ta ni ó nà gbọọrọ lórí kọ́tà lẹ́yìn ìyá àwọn.