Bí "rárá o" ṣe fẹ́ da ìwé ìbéèrè mi rú l'Ógbómọ̀ṣọ́

Mo fẹ́ mọ bí àwọn èèyàn ṣe fọkàn tán ìjọba ìbílẹ̀ sí, ni mo bá kọ gbólóhùn mẹ́fà, kéèyàn máa sọ bóun ṣe gbà á sí: mi ò gbà rárá jẹ́ 1, mo gbà gan-an jẹ́ 5. Ìṣòro àkọ́kọ́ ni pé tí mo bá ti ní "ìjọba", ọ̀rọ̀ gómìnà àti owó epo ni wọ́n á máa sọ. Mo yí i sí "káńsù wa tó wà ní Kìnnìrá", ìyẹn yanjú.

Gbólóhùn kẹrin ló wá kó mi sí wàhálà. "Káńsù kì í mú ìlérí ṣẹ." Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ báyẹn ni, kí n lè mọ àwọn tó kàn ń sọ pé mo gbà, mo gbà, sí gbogbo nǹkan. Èèyàn 30 la kọ́kọ́ bi ní Táàkíyè, mo kó èsì sínú kọ̀ǹpútà, mo yí máàkì ìkẹrin padà kí 5 di 1, mo wá ní kó bá mi ṣírò álífà, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bóyá àwọn ìbéèrè náà jọ ń rìn pọ̀:

```
d$q4 <- 6 - d$q4
psych::alpha(d[, paste0("q", 1:6)])
```

Álífà jẹ́ 0.61, àwọn èèyàn sì máa ń fẹ́ 0.70 ó kéré tán. Mo wo `r.drop`, tó ń fi hàn bí ìbéèrè kan ṣe bá àwọn yòókù tan tó, ti q4 jẹ́ 0.04, bíi pé àjèjì ni láàárín wọn. Tí mo bá yọ ọ́, álífà á gòkè sí 0.69, ọkàn kan ní kí n yọ ọ́ kí n sinmi, àmọ́ ṣé èèyàn lè sọ̀rọ̀ ìfọkàntán kó má kan ìlérí ni?

Mo tẹ̀lé ọmọ tó ń bá mi béèrè lọ sọ́dọ̀ ìyá kan tó ń ta èlùbọ́. Ọmọ náà kà á tán, màmá fọwọ́ gbá itan, "Rárá o! Wọn kì í mú un ṣẹ!" Kí lọmọ yìí fàmì sí? "Mi ò gbà rárá." Háà! Màmá ń gbè é lẹ́yìn ni o, "kì í" inú gbólóhùn wa ló ń dáhùn pẹ̀lú "rárá". Àwọn mìíràn á ní "bẹ́ẹ̀ ni, wọn kì í ṣe é", ìyẹn lọ síbòmíì, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n jọ ń sọ.

Mo yọ "kì í" kúrò, mo kọ ọ́ báyìí: "Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni ìlérí káńsù wa." Ìtumọ̀ rẹ̀ ṣì dojú kọ ti àwọn yòókù, torí náà `6 - q4` ṣì wà níbẹ̀. A wá èèyàn 30 mìíràn, torí àwọn ti àkọ́kọ́ ti gbọ́ ọ rí. q4 di 0.45, álífà di 0.74. Èèyàn 30 kéré fún álífà lóòótọ́, ó lè yẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, màá tún un ṣírò tí a bá bi 400 tán.