Iyanrìn pupa tó bo kásìtì mọ́lẹ̀

Ìtọ̀ kan dé ọwọ́ mi láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, inú firíìjì ló ti sùn mọ́jú. Pébà ìdánwò fi purotéènì 2+ hàn, pH 5.5. Mo fi ẹ̀rọ yí i fún ìṣẹ́jú 5, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ sì pupa rẹ́súrẹ́sú bí osùn.

Iyanrìn wínníwínní nìkan ni mo rí nínú maikirosíkóòpù. Níbì kan ó tò gbọọrọ, díẹ̀ ló kù kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé kásìtì ni, ìyẹn purotéènì tó dì bí ọ̀pá kékeré. Àmọ́ etí rẹ̀ rí jágajàga. Inú ihò tẹ́ẹ́rẹ́ inú kíndìnrín ni kásìtì ti ń dì, nítorí náà etí rẹ̀ máa ń já gaara.

Yúréètì, iyọ̀ ásíìdì yúríìkì, ni iyanrìn yẹn. Òtútù ló ń mú un dì nínú ìtọ̀ tó kan, bí pH 5.5 yẹn ṣe fi hàn. Àbúrò tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n kán ásíìdì sí i?” Mo ní rárá o. Fọ́sífétì ni ásíìdì ń yọ́, ó sì tún ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa.

Mo gbé ìyókù ìtọ̀ náà, èyí tí a kò tíì yí, sínú omi 37°C fún ìṣẹ́jú 10. Ó mọ́ gaara. Mo yí i kíá kó tó tutù, mo sì dín ìmọ́lẹ̀ kù, torí kásìtì tí kò ní nǹkan nínú kì í hàn nínú iná tó mọ́lẹ̀ jù. Wọ́n yọjú: kásìtì oníyanrìn gidi mẹ́ta, etí wọn gún régé.

Mo tún pébà náà ṣe lẹ́yìn tí ìtọ̀ kúrò ní tútù, nítorí òtútù lè fa ìdánwò ṣúgà sẹ́yìn. Purotéènì ṣì wà ní 2+.