Giráńdà ayédèrú: ohun tí fọ́tò lè fi hàn yín kí ẹ tó sanwó

Ìbéèrè: Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ọ̀gá. Wẹ́dà ni mí ní Mushin. Ẹnì kan ní Ìdúmọ̀tà fi fọ́tò giráńdà Makita GA4530 ránṣẹ́ sí mi, ó ní ojúlówó ni. Ohun tó wà lára léébù rẹ̀ ni 220V, 50Hz, 1200W, 3.0A, 11000/min, 115mm. Mo wò ó títí, n kò rí àléébù kankan. Ṣé kí n sanwó?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì san kọ́bọ̀. Léébù yẹn ń ta ko ara rẹ̀. Ẹ fi fóòtì sọ ámúpù di púpọ̀: 220 × 3.0 = 660. Iye wáàtì tó pọ̀ jù tí ẹ̀rọ yẹn lè fà lára iná nìyẹn. Ó lè fà tó dín díẹ̀ sí i, àmọ́ bí 3.0A yẹn bá jẹ́ òótọ́, kò lè fà jù ú lọ. Níbo wá ni 1200 ti wá?

Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ilé-iṣẹ́ Makita fúnra rẹ̀ kọ nípa GA4530: 720 wáàtì, 11000 ìyípo ní ìṣẹ́jú kan, díìsì 115 mílímítà. Ẹni tó ṣe ti inú fọ́tò yìí da ìyípo àti ìwọ̀n díìsì kọ láìsí àṣìṣe, ó wá fi kún wáàtì, nítorí ó mọ̀ pé oníbàárà ń rò pé wáàtì tó bá pọ̀ ló lágbára. Ó gbàgbé ámúpù. Ibi tí wọ́n máa ń gbà já ara wọn kulẹ̀ nìyí, torí náà ìṣirò ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe kí ẹ tó máa wo àwọ̀ tàbí bí ó ṣe ń dán.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ka ọ̀rọ̀ ara léébù náà létà sí létà. Ojúlówó máa ń sọ orúkọ ilé-iṣẹ́ àti orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ṣe é. Ayédèrú fẹ́ràn láti yẹ ọ̀rọ̀ sílẹ̀: á kọ pé ìmọ̀ ẹ̀rọ Jàpáàn ni, tàbí pé ìwọ̀n Jámánì ni, kò sì ní sọ ibi tí wọ́n ti ṣe é. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ láṣìṣe, bí i "Volatge", ẹ kúrò níbẹ̀.

Ìbéèrè: Wọ́n kọ ọ́ sára tèmi pé Ṣáínà ni wọ́n ti ṣe é. Ṣé ayédèrú nìyẹn?

Ìdáhùn: Rárá. Makita ní ilé-iṣẹ́ ní Ṣáínà, ó ní ní Ròmáníà, ó ní ní àwọn ibòmíràn pẹ̀lú. Kódà, ẹni tó bá ń fi "Jàpáàn" hàn yín kíkankíkan ni kí ẹ fura sí jù. Bákan náà, Maktec tí ẹ máa ń rí ní àwọ̀ ọsàn kì í ṣe ayédèrú Makita. Makita ló ṣe é gẹ́gẹ́ bí ọjà tí owó rẹ̀ wálẹ̀.

Ìbéèrè: Lógò ńkọ́? Tèmi dà bí ojúlówó pátápátá nínú fọ́tò, àyàfi pé ihò inú lẹ́tà "a" fẹ́ẹ́ dí.

Ìdáhùn: Ohun tó yẹ kí ẹ rí lẹ rí yẹn. Ẹni tó ń ṣe ayédèrú sábà máa ń ra ojúlówó kan, á fi ṣe móòdù tirẹ̀, ìyẹn ohun tí wọ́n ń da ike tàbí alumíníọ̀mù yíyọ́ sí. Bí wọ́n bá ti da ohun dídà kọ báyìí, etí tó mú á di rogodo, ihò kéékèèké inú lẹ́tà á sì kún. Ìdí nìyí tí "a" fi ń dí, tí igun "k" sì ń yípo. Lára ojúlówó, etí lẹ́tà máa ń mú, ìlà lẹ́tà kò sì tinrin níhìn-ín kí ó nípọn lọ́hùn-ún.

Ẹ sì wo ike tó yí lógò ká. Bí ó bá rì sínú díẹ̀ lẹ́yìn lẹ́tà bí ìgbà tí ọmọ ìka tẹ amọ̀, ike tó nípọn ló sunkì nígbà tó ń tutù, torí wọn kò jẹ́ kí ó tutù pẹ́ tó nínú móòdù. Àmọ́ ẹ má fi lójú lásán. Ẹ lọ sí ojú ìwé ilé-iṣẹ́ náà, kí ẹ wo fọ́tò nọ́ḿbà kan náà, kí ẹ mọ̀ bóyá wọ́n da lógò yẹn mọ́ ike ni tàbí wọ́n kàn tẹ̀ ẹ́ sí i lórí, àti ibi tó wà. Lógò tó wà níbi tí kò yẹ kó wà ti tó ẹ̀rí.

Ojú ìpàdé alumíníọ̀mù orí ẹ̀rọ, níbi tí gíà wà, tún ṣe kókó. Gbogbo ohun dídà ló ní ìlà ojú ìpàdé, níbi tí apá méjèèjì móòdù ti pàdé, ti ojúlówó náà, nítorí náà ìlà nìkan kì í ṣe ẹ̀sùn. Ohun tí ẹ ń wá ni alumíníọ̀mù tẹ́ẹ́rẹ́ tó yọ jáde lójú ìlà náà, tàbí àmì fáìlì níbi tí wọ́n fi fá a kúrò, tàbí kùn nípọn tí wọ́n fi bò ó. Ẹ wo ọrùn ẹ̀rọ, níbi tí alumíníọ̀mù ti pàdé ike: bí àlàfo ibẹ̀ bá fẹ̀ lápá kan tó sì há lápá kejì, móòdù méjèèjì kò bára mu.

Ìbéèrè: Ọ̀gá mi ní bí síkúrúù rẹ̀ bá jẹ́ tọ́ọ̀kìsì, ojúlówó ni. Òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Kò rí bẹ́ẹ̀. Bọ́ọ̀ṣì sábà máa ń lo tọ́ọ̀kìsì, oníràwọ̀ onígun mẹ́fà yẹn. Makita sì ń lo sítáà, alágbélébùú, lára púpọ̀ nínú ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹ wo àwòrán ẹ̀yà ara tí ilé-iṣẹ́ náà fi síta fún nọ́ḿbà yẹn, síkúrúù rẹ̀ ló yẹ kó bára mu.

Nínú fọ́tò, síkúrúù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin orí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ jọ ara wọn ní orí àti ní àwọ̀, kí wọ́n sì wọlé déédéé. Bí ọ̀kan bá dúdú tí èkejì pọ́n bí ọsàn, tàbí kí ẹnu rẹ̀ ti ya, ẹ̀rọ tí wọ́n ti tú rí ni. Fún tòkúnbọ̀, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ó lè jẹ́ pé wọ́n pààrọ̀ kábọ́ọ̀nù ni. Fún ẹ̀rọ tí wọ́n pè ní tuntun inú páálí, kò ní àwáwí.

Ìbéèrè: Fọ́tò tó fi ránṣẹ́ kò mọ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ rí gbogbo èyí?

Ìdáhùn: Wáàsáàpù ló ń fún fọ́tò mọ́ra. Ẹ ní kí ó fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí Document, kò ní dín mímọ́ rẹ̀ kù. Mẹ́rin péré tó: léébù láti iwájú gangan, lógò, ọrùn ẹ̀rọ, àti orí síkúrúù kan láti ìtòsí. Ní ti lógò àti ojú ìpàdé, kí ó tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti iwájú, kí òjìji lè fi ohun tó rì àti ohun tó yọ hàn. Kí ó kọ ọjọ́ òní sórí ìwé kan, kí ìwé náà sì wà nínú fọ́tò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó lè jẹ́ fọ́tò ẹlòmíràn ló ń lò.

Kí ó tún ya nọ́ḿbà ìdámọ̀ tó wà lára ẹ̀rọ àti èyí tó wà lára páálí. Wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Bí ó bá ní ẹ̀rọ bí mẹ́wàá lọ́wọ́, ẹ ní kí ó ya ti méjì mìíràn, torí ayédèrú sábà máa ń tẹ nọ́ḿbà kan ṣoṣo sára gbogbo wọn.