Bí a ṣe ń wọn oko lórí máàpù láìsan owó ilẹ̀ tí kò sí

Ká ní oko àgbàdo kan wà lẹ́yìn ìlú Kétu ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, mítà 400 ní gígùn, mítà 250 ní fífẹ̀. Hẹ́kítà 10 gééré ni. Ẹ ya ààlà rẹ̀ sórí máàpù íńtánẹ́ẹ̀tì nínú QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya máàpù, kí ẹ ní kó ṣírò rẹ̀ bó ṣe wà lójú ẹ̀rọ: 10.23 ni yóò gbé jáde. Bí onítírákítọ̀ bá ń gba 40,000 sẹ́fà lórí hẹ́kítà kan, owó tó lé ní 9,000 ti lọ sórí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ro.

Ayé rí roboto, ojú ẹ̀rọ sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ igbá kó tẹ́ bí ẹní, àfi kó fà á níbì kan. Máàpù íńtánẹ́ẹ̀tì, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ EPSG:3857, máa ń na ilẹ̀ sí i bí ó bá ṣe ń jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé. Ní Parísì, ilẹ̀ ju ìlọ́po méjì ara rẹ̀ lọ níbẹ̀. Ní Kétu, ìdá 2.3 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni. Èyí tó kéré yìí gan-an ló ń tanni jẹ, nítorí kò sẹ́ni tó máa fura.

Ẹ rìn yí oko ká, kí ẹ gba àmì igun kọ̀ọ̀kan sórí fóònù. Fóònù máa ń kọ ọ́ ní EPSG:4326, ìyẹn dígírì. Ẹ má tíì wọn ohunkóhun níbẹ̀ o: bí ẹ bá rí 0.00000819, dígírì lẹ fi wọn oko yẹn.

Ẹ so àwọn àmì náà pọ̀ di `polygon` kan nínú QGIS. Ẹ wá lo `Reproject layer`, kí ẹ yan EPSG:32631, tó ń fi mítà wọn ilẹ̀. Gbogbo ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, láti Pọ́tònófò títí kọjá Sábẹ̀ẹ́, ló bọ́ sínú rẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà rèé: wọ́n á lọ tẹ `Set Layer CRS`. Ìyẹn kàn yí orúkọ padà ni, kò gbé ilẹ̀ kúrò níbi tó wà. Ẹ wo nọ́ńbà igun oko. Ní Kétu, ó yẹ kí ẹ rí nǹkan bí 456000 àti 813000. Bó bá ṣì jẹ́ 2.6 àti 7.36, oko yín ti wà lójú òkun.

Ẹ wá ṣírò rẹ̀:

```
area($geometry) / 10000
```

Yóò fún yín ní 9.99. Mítà onígun mẹ́rin 75 ló dín, àyè ebè iṣu mélòó kan. Ẹ fi `$area / 10000` yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí òun ń ka bí ayé ṣe tẹ̀ mọ́ ọn, bí `Ellipsoid` inú ètò iṣẹ́ yín bá jẹ́ WGS 84. Bí méjèèjì bá jìnnà síra, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ tó ṣáájú.

Fóònù fúnra rẹ̀ ṣì lè ba iṣẹ́ jẹ́. Bí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá yọ síta ní mítà 3, oko ọ̀hún á fi 3,936 mítà onígun mẹ́rin tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì ju àṣìṣe máàpù lọ. Èmi máa ń dúró ní igun kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú bíi méjì, níbi tí igi ò ti bo ojú ọ̀run, kí n tó tẹ̀ ẹ́.