Ọdún méjì ni mo fún ayálégbé mi, mi ò fowó kún owó ilé

Ó ku oṣù mẹ́ta kí àdéhùn ayálégbé mi parí nígbà tí mo jókòó ṣírò. Ọdún mẹ́ta ló ti ń gbé ibẹ̀, kò pẹ́ san owó ilé rí, bí omi bá sì ń jò, kíá ló máa ń pè mí kí àjà tó jẹrà. Síbẹ̀, owó àwọn ilé tó jọ tèmi ti gòkè díẹ̀, ọwọ́ sì ń yún mi láti fi kún un.

Ẹ jẹ́ ká pe owó oṣù kan ní 100. Bí mo bá sọ ọ́ di 104, tí kò sì kó jáde, 96 ni mo máa jèrè lọ́dún méjì. Bó bá kó jáde ńkọ́? Nígbà tí ilé náà ṣófo kẹ́yìn, oṣù kan àbọ̀ ló fi wà bẹ́ẹ̀, 150 nìyẹn. Ọ̀dà àti kọ́kọ́rọ́ tuntun gba 40, ajẹ́ńtì gba 50. Ó di 240. Ẹni tuntun á máa san 104 fún oṣù 22 àbọ̀ tó kù, àfikún yẹn á dá 90 padà, àmọ́ 150 ṣì ti wọgbó.

Mi ò ní purọ́: ká ní ó dá mi lójú pé kò ní lọ ni, màá fi kún un. Ṣùgbọ́n lóṣù tó ṣáájú, ó ní kí n kọ ìwé tó máa jẹ́rìí pé òun ń sanwó déédéé. Ta ló ń béèrè irú ìwé yẹn bí kò ṣe ẹni tó ń wá ilé?

Mo fi ọdún méjì lọ̀ ọ́, lórí owó tó ń san tẹ́lẹ̀. Ó kà á, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé o. Ṣùgbọ́n bí ibi iṣẹ́ bá gbé mi lọ sílùú míì ńkọ́?” Mi ò ronú kan ìyẹn rárá. Ìwé tí mo kọ́kọ́ kọ ti há a mọ́ ilé. Mo fi kún un pé lẹ́yìn oṣù 12, ó lè kúrò bó bá fún mi ní ìkìlọ̀ oṣù méjì. Láàárín oṣù méjì yẹn, mo lè máa mú àwọn míì wá wo ilé.

Ó béèrè ọdún mẹ́ta, mo kọ̀, torí owó àtúnṣe kì í dúró lójú kan. Mo tún kọ ọ́ pé owó ilé nìkan ni kò ní yí, owó omi á máa bá bílì lọ. Owó tó fi sílẹ̀ nítorí ìbàjẹ́ wọnú àdéhùn tuntun, a sì jọ yí ilé ká, a ya fọ́tò ògiri àti ilẹ̀ kí a tó fọwọ́ sí i. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ta ló máa mọ ìbàjẹ́ àtijọ́ yàtọ̀ sí tuntun?

Ó mú ẹ̀dà kan, mo mú ìkejì. Ìgbà yẹn ló béèrè bóyá òun lè kan pákó ìkówèésí mọ́ ògiri pálọ̀.