Bí a ṣe ń wá òpin tó fara pamọ́ sábẹ́ "Unlimited" kí a tó sanwó ìkànnì

O fẹ́ ra ètò tí yóò gbé ìkànnì rẹ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n kọ "Unlimited" gàdàgbà sórí ètò náà, owó rẹ̀ sì fi díẹ̀ ju ti ètò tó ní 10 gígábáìtì lọ. Kí o tó sanwó, lọ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé, ṣí Terms of Service tàbí Acceptable Use Policy, tẹ Ctrl+F, kí o wá "inode". Nọ́ńbà tó bá wà níbẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́ òpin gidi.

Inode ni àkọsílẹ̀ tí ẹ̀rọ ń ṣe nípa fáìlì; fáìlì kọ̀ọ̀kan ń jẹ inode kan. Fódà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ń jẹ ọ̀kan. Ímeèlì tó wà nínú àpótí rẹ ń jẹ tirẹ̀, ìbáà má ju ìlà méjì lọ. Iye ni wọ́n ń kà, wọn kì í wo bó ṣe tóbi tó.

Ká ní o ń ta aṣọ lórí WordPress. Oríṣi aṣọ 3,000, fọ́tò mẹ́rin fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, 12,000 fọ́tò nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí o bá gbé fọ́tò ńlá tí o fi fóònù yà sókè, WordPress á tún ṣe ẹ̀dà kéékèèké rẹ̀, títí fọ́tò kan á fi di fáìlì mẹ́jọ, láìtíì ka èyí tí WooCommerce, àfikún tí a fi ń tajà lórí WordPress, ń fi kún un. Ó ti di fáìlì 96,000. Bí òpin bá jẹ́ 100,000, WordPress fúnra rẹ̀ àti ímeèlì àwọn oníbàárà ni yóò jẹ ìyókù tán.

Bó bá ti kún, fọ́tò tuntun ò ní wọlé mọ́, ímeèlì á máa padà sọ́dọ̀ ẹni tó fi í ránṣẹ́, "Disk quota exceeded" á sì máa yọjú, bẹ́ẹ̀ àyè ṣì pọ̀ lọ jàra. Ohun tó ń dàrú mọ́ èèyàn lójú nìyẹn.

Láti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ cPanel, ojú ìwé tí o ti ń darí ètò rẹ, kí o wo File Usage lábẹ́ Statistics. Bí wọ́n bá fún ọ ní Terminal, tẹ èyí:

```
du --inodes -d 1 ~ | sort -n
```

Ìlà tó kẹ́yìn ni àpapọ̀; èyí tó wà lókè rẹ̀ gan-an ni fódà tó ń jẹ jù. Bó bá jẹ́ `mail`, pa ímeèlì àtijọ́ rẹ́, kí o sì da Trash nù. Bó bá jẹ́ `public_html`, níbi tí fáìlì ìkànnì rẹ wà, `wp-content/cache` inú rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wò.

Òpin kejì ni ti dátà tó ń jáde láti ìkànnì rẹ; èyí kò ṣòro láti ṣírò. Bí ojú ìwé kan bá jẹ́ 2 mẹ́gábáìtì, tí èèyàn 200 ń wá lójúmọ́, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń ṣí mẹ́ta, 36 gígábáìtì ni lóṣù. Lórí ètò tó ní òpin, bó bá tán, "509 Bandwidth Limit Exceeded" ni àlejò rẹ yóò rí. Lórí "Unlimited", agbára ẹ̀rọ ni wọ́n sábà máa fi dí ọ lọ́nà: "508 Resource Limit Is Reached".

Bí o kò bá rí nọ́ńbà kankan nínú àdéhùn, kọ ímeèlì sí wọn: "Inode mélòó ni ètò yìí gbà, kí lẹ ó sì ṣe bí mo bá kọjá rẹ̀?" Ìgbà tí wọ́n bá dáhùn ni kí o tó mú káàdì jáde.