Ajá ta nìyí? Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú yíya kàtúùnù ẹran ilé láti inú fọ́tò

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń bí mi nínú tipẹ́. Ọ̀dọ́ ayàwòrán á ra tábúlẹ́ẹ̀tì olówó gọbọi, á gbowó lọ́wọ́ oníbàárà, á tẹ iṣẹ́ náà sórí kánfáàsì, á fi férémù sí i, alájá á sì wò ó títí, á ní, "Ajá ta nìyí?" Tábúlẹ́ẹ̀tì kò jẹ̀bi rárá. Inú fọ́tò tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó fa ìlà kankan. Mo gbà pé ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń fa ìlà, ẹ sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń to ìpele lé ara wọn nínú Krita tàbí ibisPaint, nítorí náà n kò ní dá yín dúró níbẹ̀.

Èkíní, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí fọ́tò tí kò dára nítorí pé ojú ń tì yín láti béèrè òmíràn. Ẹni tó ti sanwó kò ní bínú tí ẹ bá ní kó tún ajá rẹ̀ yà.

Èkejì ni èyí tó ń dùn mí jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé mú imú láti inú fọ́tò kan, kí ẹ mú etí láti inú òmíràn, kí ẹ wá so wọ́n pọ̀ di orí kan.

Ẹ wo bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Imú ajá máa ń yọ síwájú ju ojú rẹ̀ lọ. Ká sọ pé ó yọ tó sẹ̀ǹtímítà 10. Bí ẹni tó ń ya fọ́tò bá gbé fóònù súnmọ́ ọn débi pé ó ku sẹ̀ǹtímítà 20 kó kan imú, a jẹ́ pé ojú wà ní 30. Ohun tó bá súnmọ́ kámẹ́rà jù ló máa ń tóbi jù, nítorí náà imú yẹn á fi ìdajì tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, tí a bá fi ojú wọ̀n ọ́n. Kí ẹni yẹn kan náà wá sún sẹ́yìn tó mítà 2: imú wà ní 200, ojú wà ní 210, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kò tó nǹkan mọ́. Ajá kan náà ni, ọjọ́ kan náà ni, àmọ́ orí méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà nínú fọ́tò.

Ayàwòrán tó ń kánjú á wá fẹ́ràn imú inú fọ́tò tó súnmọ́, torí pé ó mọ́ kedere, ó sì ń dán. Á fẹ́ràn etí inú fọ́tò tó jìnnà, torí pé ó dúró dáadáa. Á pa méjèèjì pọ̀. Ohun tó bá jáde kì í ṣe ajá yẹn, kì í sì í ṣe àbúrò rẹ̀.

Ìyá kan gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wá bá mi, lẹ́yìn tó ti sanwó fún ẹlòmíì. Bingo ni wọ́n ń pe ajá náà, ajá ilé wa lásán, àwọ̀ ilẹ̀ pupa, ìlà funfun kan gba àárín iwájú orí rẹ̀ kọjá, ṣóńṣó etí òsì rẹ̀ sì tẹ̀ wálẹ̀. Nínú àwọn fọ́tò tó fi ránṣẹ́, ọ̀kan súnmọ́ imú gan-an, ọ̀kan jẹ́ láti òkè nígbà tí ajá ń wojú rẹ̀ pé kó fún òun lóúnjẹ, ọ̀kan sì jẹ́ láti ẹnu ọ̀nà, ní òwúrọ̀, ajá jókòó nínú òjìji. Mo ní kó wo bí imú ṣe fẹ̀ tó, kó fi wé àyè tó wà láti igun òde ojú ọ̀tún dé igun òde ojú òsì. Nínú fọ́tò tó súnmọ́, imú gba ìdajì àyè yẹn. Nínú èyí tí wọ́n yà láti ẹnu ọ̀nà, ìdá mẹ́ta rẹ̀ ló gbà. Ibẹ̀ ni ẹni àkọ́kọ́ ti ṣìnà. Ó gbé imú tó gba ìdajì sórí ojú tí imú ìdá mẹ́ta tọ́ sí, ni Bingo bá dà bí ẹlẹ́dẹ̀.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ yan fọ́tò kan ṣoṣo fún egungun iṣẹ́ náà: bí orí ṣe rí, ibi tí ojú wà, bí imú ṣe tóbi tó, ibi tí etí ti hù. Kó jẹ́ èyí tí wọ́n dúró jìnnà tó mítà kan ààbọ̀ sí méjì yà, tí kámẹ́rà sì wà ní ọ̀gbọọgba pẹ̀lú ojú ajá. Bí ajá bá kéré jù nínú rẹ̀, kí wọ́n lo 2x lórí fóònù, kí wọ́n má sún mọ́ ọn. Àwọn fọ́tò yòókù wà fún ohun tí egungun kò lè sọ: àmì ara, àwọ̀, bí irun ṣe yí lọ́rùn, bí ẹnu ṣe ń rí nígbà tó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ. Fún Bingo, fọ́tò ẹnu ọ̀nà ni mo fi ṣe egungun. Èyí tó súnmọ́ kò wúlò ju pé ó fi hàn mí pé ìlà funfun yẹn kò dé imú, ó dúró díẹ̀ lókè rẹ̀.

Ìgbà tí egungun bá ti tọ́ ni àsọdùn tó kàn, torí kàtúùnù kò sí láìsí àsọdùn. Àmọ́ ẹ wo ajá náà kí ẹ tó sọ ọ́ di ńlá. Ojú gbogbo ẹran ni wọ́n ń fẹ̀ báyìí, tí gbogbo ajá Ìbàdàn fi wá jọ ara wọn. Etí tó tẹ̀ ni Bingo fi yàtọ̀, etí yẹn ni mo fà gùn, mo fi ojú sílẹ̀ bó ṣe wà.

Àwọ̀ ńkọ́? Ẹ má ṣe mú àwọ̀ láti inú fọ́tò tí wọ́n yà lálẹ́ lábẹ́ gílóòbù pupa, torí ajá funfun á di ajá aláwọ̀ epo. Òjìji ojúmọmọ ló ń sọ òótọ́. Tí ajá bá dúdú, ẹ má ṣe fi dúdú kirikiri kun ún, torí ìlà ojú àti ẹnu kò ní hàn mọ́. Ẹ lo eérú tó ṣú díẹ̀, kí ẹ fi dúdú gan-an pamọ́ fún ọmọlójú àti ihò imú.

Ẹ má sì ya ojú tó ń tàn bí iná. Awọ kan wà lẹ́yìn ẹyinjú ajá àti ológbò tó máa ń dá ìmọ́lẹ̀ fláàṣì padà, kì í ṣe àwọ̀ ojú wọn nìyẹn.

Ológbò tún ní tirẹ̀. Ọmọlójú rẹ̀ máa ń rí tẹ́ẹ́rẹ́ nínú oòrùn, ó sì máa ń rí roboto nínú òkùnkùn. Ẹ mú ọ̀kan, kí ojú méjèèjì bára mu. Ọmọ ológbò sì máa ń ní ojú búlúù kí ó tó yí padà bó ṣe ń dàgbà, nítorí náà ẹ bi olówó rẹ̀ pé ìgbà wo ni wọ́n ya fọ́tò náà.

Fọ́tò tí wọ́n fi kámẹ́rà iwájú yà lè yí ọ̀tún padà sí òsì. Ẹ wá ibi tí ìwé kíkọ wà nínú rẹ̀, bóyá lára ṣẹ́ẹ̀tì ẹni tó gbé ajá náà. Bí lẹ́tà bá yí padà, àmì ara ajá náà ti yí padà nìyẹn.

Ti ìtẹ̀wé: àwòrán tó jẹ́ písẹ́lì 1080 ní ìbú kò lè ju bí íńṣì mẹ́ta ààbọ̀ lọ lórí ìwé, tí a bá fẹ́ kó mọ́ dáadáa ní písẹ́lì 300 sí íńṣì kan. Fún férémù tó jẹ́ íńṣì 8 ní ìbú, íńṣì 10 ní gíga, ẹ ṣí ojú ìwé yín ní písẹ́lì 2400 ní ìbú, 3000 ní gíga, láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kí oníbàárà fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp gẹ́gẹ́ bí Document, kó má bàa dín in kù lójú ọ̀nà.

Kí ẹ tó fi àwọ̀ kankan sí i, ẹ fi ìlà nìkan ránṣẹ́ sí alájá. Ẹ má bi í pé ṣé ó dára, torí á ní ó dára kí inú yín lè dùn. Ẹ ní kó pe ọmọ kékeré tó wà nílé, kó fi hàn án láìsọ nǹkan kan, kó wá gbọ́ orúkọ tí ọmọ náà máa dá.